Súìtì fún àwọn ọmọ tó tò sórí ìlà: kí ló dé tí lílọ ẹ̀ẹ̀kan kò tó?

Ọmọ Ọ̀yìngbò:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè kan dá mi dúró, nọ́ńbà 135 tí wọ́n pè ní Candy lórí LeetCode, ìkànnì tí a ti ń fi ìbéèrè kóòdù dánra wò. Àwọn ọmọ tò sórí ìlà, olúkúlùkù ní máàkì tirẹ̀. Ó kéré tán, ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba súìtì kan. Ẹni tí máàkì rẹ̀ bá ju ti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba súìtì jù ú lọ. Iye súìtì tó kéré jù lọ tó máa ká gbogbo wọn ni wọ́n ń béèrè. Mo lọ láti òsì sí ọ̀tún: bí máàkì ọmọ kan bá ju ti ẹni tó ṣáájú rẹ̀, mo fi ẹyọ kan lé ti ẹni yẹn, bí kò bá jù ú, mo fún un ní kan péré. `[1,2,2]` fún mi ní 4, ó bọ́ sí i. `[1,0,2]` náà fún mi ní 4, wọ́n ní 5 ni. Ọ̀rẹ́ mi ní àfi kí n lọ lẹ́ẹ̀mejì. Kí ló dé tí ẹ̀ẹ̀kan kò fi tó?

---

Akóòdù Yábàá:

Wo ọmọ àkọ́kọ́ nínú `[1,0,2]`. Nígbà tí kóòdù rẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn, kò rí ẹnì kan, ó fún un ní kan, ó kọjá lọ. Ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ kejì tó ní 0 ni ọ̀rọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọ̀rọ̀: ẹni tó ní 1 ju ẹni tó ní 0 lọ, ó sì yẹ kí ó gbà jù ú lọ. Ẹni tó ní 0 kò lè gbà kéré sí kan, nítorí náà ẹni àkọ́kọ́ ló gbọ́dọ̀ di 2. Àmọ́ kóòdù rẹ ti fi í sílẹ̀, kò sì sí ìlà kankan nínú rẹ̀ tó máa ń padà sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí o fi rí 1, 1, 2 dípò 2, 1, 2.

`[1,2,2]` bọ́ sí i fún ẹ nítorí pé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ tó ju ẹni tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ lọ. Bí o bá fẹ́ mọ̀ kíákíá bóyá kóòdù kan ń wo apá kan ṣoṣo, fún un ní `[3,2,1]`. Tìrẹ máa sọ pé 3, 6 ló sì yẹ kó jẹ́.

Jẹ́ kí a lo ìlà tó gùn díẹ̀, ọmọ mẹ́jọ:

```
máàkì:       42  55  61  70  50  64  58  47
láti òsì:     1   2   3   4   1   2   1   1
láti ọ̀tún:    1   2   3   4   1   3   2   1
```

Ìlà kejì ni ohun tí o ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Wàá rí i pé láti 42 títí dé 70 kò sí wàhálà. Ibi tí ó ti bàjẹ́ ni 58 àti 47: àwọn méjèèjì ní kan kan, bẹ́ẹ̀ 58 ju 47 lọ. Ní báyìí, bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ 47, kí o máa bọ̀ sí apá òsì. 58 ju 47, ó di 2. 64 ju 58, 2 tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó mọ́, ó di 3. 50 kò ju 64, kò sí ohun tó kàn án. 70 ju 50, 50 sì ní 1, ìyẹn ni pé 2 máa tó fún 70 láti apá yìí. Ṣùgbọ́n ó ti ní 4 lọ́wọ́ láti apá òsì, fi 4 rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Àwọn tó kù kò yí. Àpapọ̀ rẹ̀ 17.

```python
def candy(r):
    n = len(r)
    c = [1] * n
    for i in range(1, n):
        if r[i] > r[i-1]:
            c[i] = c[i-1] + 1
    for i in range(n-2, -1, -1):
        if r[i] > r[i+1]:
            c[i] = max(c[i], c[i+1] + 1)
    return sum(c)
```

---

Aláròyé Ṣómólú:

Èmi náà lọ lẹ́ẹ̀mejì, àmọ́ mi ò lo `max` rárá. Lúùpù kejì mi kàn kọ `c[i] = c[i+1] + 1`. Àpẹẹrẹ méjèèjì tó wà lójú ìwé ìbéèrè yẹn ló gbà á. Mo gbé ìlà ọmọ mẹ́jọ rẹ sínú rẹ̀, ó fún mi ní 15. Ṣé kì í ṣe iye tó kéré jù ni wọ́n ní ká wá? 15 kéré sí 17. Ó dà bíi pé `max` yẹn ń ná owó tí kò yẹ.

---

Akóòdù Yábàá:

Má wo àpapọ̀ nìkan, tẹ `c` fúnra rẹ̀ tó ń tọ́jú iye tí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbà jáde. Ohun tí wàá rí nìyí: 1, 2, 3, 2, 1, 3, 2, 1. Ọmọ tó ní 70 gba 2, ọmọ tó ní 61 tó jókòó tì í gba 3. Òfin ti ṣẹ́ níbẹ̀, 15 yẹn kò sì dúró fún ohunkóhun mọ́. Lúùpù kejì rẹ dé ọ̀dọ̀ 70, ó rí i pé ó ju 50 lọ, ó sì fi 2 bo 4 tí lúùpù àkọ́kọ́ ti ṣiṣẹ́ fún.

Òótọ́ ni ohun tí o sọ pé àpẹẹrẹ méjèèjì gbà á, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí àṣìṣe yìí máa pẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ibi orí òkè tí apá òsì rẹ̀ bá gùn ju apá ọ̀tún lọ nìkan ni ó ti ń hàn. `[1,0,2]` kò ní irú òkè bẹ́ẹ̀, `[1,2,2]` kò ní in. Dán `[1,2,3,1]` wò: tìrẹ máa fún ẹ ní 6, 7 ni ìdáhùn.

Kí ó lè dá ẹ lójú pé kò sí bí a ṣe lè dín 17 kù, kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. 42 kò lè kéré sí 1. 55 ju 42, kò lè kéré sí 2. 61 kò lè kéré sí 3, 70 kò lè kéré sí 4. Bọ́ sí òdìkejì: 47 kò lè kéré sí 1, 58 kò lè kéré sí 2, 64 kò lè kéré sí 3. 50 wà láàárín, 1 tirẹ̀ kò ṣe é dín. Gbogbo wọn ló wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá ibi tí òfin gbà wọ́n láàyè dé. Àpapọ̀ rẹ̀ 17.

---

Ọmọ Ọ̀yìngbò:

Èyí yé mi. Ohun tí kò tíì yé mi: tí a bá ń fún ọmọ kan ní èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì, ṣé ìyẹn kò ní da ti aládùúgbò rẹ̀ rú? Ó dà bíi pé bí mo bá gbé ẹnì kan sókè, ẹlòmíràn lè nílò kí n gbé òun náà sókè.

---

Akóòdù Yábàá:

Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá kọ kóòdù yìí béèrè nìyẹn, ọ̀pọ̀ kì í béèrè rẹ̀.

Mú ọmọ méjì tó fara kanra, kí ti ọwọ́ ọ̀tún ní máàkì tó ga jù. Pe ti òsì ní A, ti ọ̀tún ní B. Ní lílọ láti òsì, ohun tí B gbà fi ẹyọ kan ju ti A. Ní bíbọ̀ láti ọ̀tún, A kò ju B lọ, nítorí náà ìbọ̀ yẹn kò fi nǹkan kan kún ti A. Ìyẹn ni pé ohun tí A gbà láti òsì ló máa dì mú títí dé òpin. B lè lọ sókè nígbà ìbọ̀, kò lè wá sílẹ̀ láé. Nítorí náà B ṣì ju A lọ. Bí ó bá jẹ́ A ló ga jù, ọ̀rọ̀ kan náà ni, kí o kàn yí i padà.

Ẹni tó lè gba òkè ní apá kan ni ẹni tí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ní apá yẹn rẹlẹ̀ sí i. Bí ó bá gòkè sí i, ẹni tó rẹlẹ̀ sí i kò ní nǹkan kan láti bèèrè. Ẹni tó ga jù ú lọ ní apá kejì ńkọ́? Ìbọ̀ náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Bí ó bá dé ibẹ̀, a ó gbé òun náà.

---

Ìyá Lẹ́sìnnì Súrùlérè:

Ẹ má bínú pé mo dá sí i, èmi ò mọ kóòdù, ọmọ mi ló fi ọ̀rọ̀ yìí hàn mí. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìnnì ní ìrọ̀lẹ́, nítòsí Ojúẹlẹ́gbà. Tí tááàmù bá parí, mo máa ń lọ ra páálí súìtì ní Ìdúmọ̀tà, mo sì máa ń pín in. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀: bí ọmọ méjì bá gba máàkì kan náà tí wọ́n sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, ṣé kóòdù yín á fún wọn ní iye kan náà? Torí ti tèmi, tí ẹnì kan bá gba 4 tí ẹnì kejì gba 2, ìyá ọmọ á dé kí ilẹ̀ tó ṣú.

---

Akóòdù Yábàá:

Ẹ ṣeun mà. Rárá o, kò dájú pé ó máa fún wọn ní iye kan náà. Òfin ìbéèrè náà sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó ga ju ẹnìkejì nìkan. Fún àwọn tó bá ara wọn dọ́gba, kò sọ nǹkan kan. Ẹ wo 42, 55, 61, 70, 70, 50. Ohun tí wọ́n máa gbà ni 1, 2, 3, 4, 2, 1. Àwọn méjì tó ní 70 nìyẹn, ọ̀kan ní 4, ìkejì ní 2, àpapọ̀ 13. Lójú òfin yẹn, kò sí ẹ̀tọ́ ẹnì kan tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n gba iye kan náà, òfin mìíràn nìyẹn, ó sì ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ ka àwọn tó fara kanra tí máàkì wọn dọ́gba sí ẹnì kan, ẹ ṣe ìlọ àti ìbọ̀ lórí ìlà tó kúrú yẹn, lẹ́yìn náà kí ẹ fún olúkúlùkù wọn ní iye tó bọ́ sí ẹni kan yẹn lọ́wọ́. Ìlà yẹn á di 42, 55, 61, 70, 50, iye wọn á jẹ́ 1, 2, 3, 4, 1. Nígbà tí ẹ bá tú àwọn 70 méjì ká, ó di 1, 2, 3, 4, 4, 1, tó jẹ́ 15. Súìtì méjì péré ni àfikún.

Ẹ̀yin akóòdù, ẹ má rò pé ẹ lè fi `>=` rọ́pò `>` láti dé ibẹ̀. Mo ti rí i lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Lórí ìlà yìí kan náà, `>=` máa fún àwọn 70 ní 6 àti 5, àpapọ̀ 18. Wọn kò dọ́gba síbẹ̀, owó sì ti bá a lọ, torí pé olúkúlùkù wọn ń sọ pé òun ju ẹnìkejì lọ.

---

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:

Ẹ̀yin lẹ ń jẹ́ kó le. Ẹ kọ́kọ́ to àwọn ọmọ láti orí ẹni tó kéré jù dé orí ẹni tó ga jù, kí ẹ wá máa fún wọn ní 1, 2, 3, ó parí. Lúùpù kan ni.

---

Akóòdù Yábàá:

Ọ̀gá mi, ìjókòó àwọn ọmọ kò ṣe é yí. Bí ẹ bá to àwọn mẹ́jọ yẹn láti kékeré dé ńlá, wọ́n á gba 1 títí dé 8, ìyẹn 36, ìlọ́po méjì 17 àti méjì lé.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú ohun tí ẹ sọ. Ẹ lè fi àwọn ọmọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà, kí ẹ to *ipò* wọn nìkan, kí ẹ máa dá wọn lóhùn láti orí ẹni tí máàkì rẹ̀ kéré jù. Nígbà tó bá kan ọmọ kan, gbogbo ẹni tó rẹlẹ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti gba tiwọn, ẹ kàn fi ẹyọ kan lé ti ẹni tó gbà jù nínú wọn. Bí kò bá sí ẹni tó rẹlẹ̀ sí i, kan péré. Ó tọ̀nà, 17 ló máa fún yín. Títò yẹn ló ń jẹ àkókò, ìlọ àti ìbọ̀ kò nílò rẹ̀.

---

Ìyá Lẹ́sìnnì Súrùlérè:

Ẹ dúró ná. Ṣé ẹ ń sọ pé bí mo ṣe mú wọn jókòó ló ń sọ iye tí màá rà?

---

Akóòdù Yábàá:

Bẹ́ẹ̀ ni mà. Bí ẹ bá ní àṣẹ láti yí ìjókòó wọn, ẹ mú àwọn mẹ́rin tó kéré, ẹ fi àwọn mẹ́rin tó ga sáàárín wọn: 42, 58, 47, 61, 50, 64, 55, 70. Ọ̀kan gba 1, èyí tó tẹ̀lé e gba 2, títí dé òpin. Súìtì 12. Àwọn ọmọ kan náà, máàkì kan náà. Ohun tó ń gbé iye náà sókè ni kí máàkì máa ga tẹ̀léra lórí ìlà láìdúró.

---

Ọmọ Ọ̀yìngbò:

Ọ̀rẹ́ mi kan ní ọ̀nà mìíràn. Ó ní kí n fún gbogbo wọn ní kan, kí n máa lọ láti òsì sí ọ̀tún léraléra, kí n máa gbé ẹnikẹ́ni tí òfin bá ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ sókè, títí kò fi ní sí ẹni tó ṣẹ́ mọ́. Ìdáhùn rẹ̀ tọ̀nà lórí gbogbo ohun tí mo fún un, àmọ́ nígbà tí mo fi sílẹ̀ lórí LeetCode, `Time Limit Exceeded` ló gbé jáde, ìyẹn ni pé kóòdù náà pẹ́ ju àkókò tí wọ́n fún un lọ.

---

Akóòdù Yábàá:

Wọ́n lè fún ẹ ní ọmọ 20,000 níbẹ̀. Fojú inú wo ìlà tí máàkì rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà àkọ́kọ́ tí o bá kọjá, gbogbo wọn di 2 àyàfi ẹni ìkẹyìn. Nígbà kejì, gbogbo wọn di 3 àyàfi àwọn méjì ìkẹyìn. Ìgbà kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan ṣoṣo ló ń rí ibi jókòó. Ó tó ìgbà 20,000 tí wàá kọjá lórí ọmọ 20,000, ìyẹn ìgbà mílíọ̀nù 400 tí o máa wo ọmọ. Python kò ní bá ẹ ṣe é.

Bí o bá yí i kí ó máa bọ̀ láti ọ̀tún, ìlà yẹn kan náà á parí ní ìkọjá ẹyọ kan, àmọ́ ìlà tó ń lọ sókè ni yóò wá dá ẹ dúró. Ìlọ kan àti ìbọ̀ kan yanjú méjèèjì.

---

Bàbá Akọkà:

Ẹ ṣe é dáadáa, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé dandan ni kí a lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀nà kan wà tí a kì í padà sẹ́yìn, tí a kì í sì í tọ́jú `c` rárá. Bí máàkì bá ń lọ sókè, ẹ máa fi 1, 2, 3 kún àpapọ̀. Ẹ rántí iye tó wà lórí òkè. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, ẹ fi 1 kún un fún ẹni àkọ́kọ́, 2 fún ìkejì, bí ẹni pé ẹ ń kà á láti ìsàlẹ̀. Bí iye àwọn tó sọ̀kalẹ̀ bá ti tó iye tó wà lórí òkè, ẹ fi ẹyọ kan kún ti ẹni orí òkè ní gbogbo ìgbà tí ẹlòmíràn bá sọ̀kalẹ̀ sí i. Bí máàkì méjì bá dọ́gba, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 1.

Lórí ìlà yín: 1, 2, 3, 4, ìyẹn 10. 50 sọ̀kalẹ̀, ẹ fi 1 kún un, 11. 64 gòkè, 2, ó di 13. 58 sọ̀kalẹ̀, 1, ó di 14. 47 sọ̀kalẹ̀, 2, ó di 16. Àwọn méjì ti sọ̀kalẹ̀, 2 sì ni 64 ní lórí òkè, ẹ fi ẹyọ kan kún tirẹ̀. 17. Ẹnikẹ́ni tó bá ń wá iṣẹ́ kóòdù ní Yábàá yìí yẹ kó lè kọ èyí.

---

Akóòdù Yábàá:

Ẹ kú iṣẹ́ sà, ó tọ̀nà. Síbẹ̀ mi ò ní gba ọmọ yìí nímọ̀ràn pé kí ó fi í ṣe ohun àkọ́kọ́ tí ó máa kọ níwájú ẹni tó ń bi í léèrè. Ọmọ 20,000 nínú `c` kò pé mẹ́gábáìtì kan. Ohun tí ọ̀nà yín gbà lọ́wọ́ wa ju ìyẹn lọ: kò sí `c` tí a lè tẹ̀ jáde. Tí Aláròyé bá ti lo ọ̀nà yìí tó sì rí 15, kò ní sí bí ó ṣe máa mọ̀ pé 70 ló ní 2. Ibi tí máàkì ti dọ́gba náà máa ń gbé àwọn èèyàn ṣubú, wọ́n á gbàgbé láti pa iye orí òkè àtijọ́ rẹ́, yóò sì bá wọn dé orí òkè tí kì í ṣe tirẹ̀.

---

Bàbá Akọkà:

Ìyẹn dára tí gbogbo ìlà bá ti wà lọ́wọ́ rẹ. Bí máàkì bá ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan láti ibòmíràn, tí kò ṣe é padà sẹ́yìn, báwo ni o ṣe fẹ́ bọ̀ láti ọ̀tún? Mo dúró lórí tèmi.

---

Aláròyé Ṣómólú:

Mo ti tẹ `c` jáde. Mo rí 70 àti 61 yẹn. Àmọ́ mo ṣì rò pé ó yẹ kí àwọn tó kọ ìbéèrè yẹn fi irú `[1,2,3,1]` sínú àpẹẹrẹ wọn.

---

Akóòdù Yábàá:

Lórí ìyẹn, mo gbà pẹ̀lú ẹ. Ọmọ Ọ̀yìngbò, kí o tó fi sílẹ̀, fi mẹ́ta yìí dán an wò: `[3,2,1]` gbọ́dọ̀ fún ẹ ní 6, `[1,2,3,1]` gbọ́dọ̀ fún ẹ ní 7, `[5,5,5]` gbọ́dọ̀ fún ẹ ní 3. Bí àkọ́kọ́ bá kọ̀, ìbọ̀ láti ọ̀tún ni kò ṣiṣẹ́. Bí ìkejì bá kọ̀, `max` ni. Bí ìkẹta bá kọ̀, `>=` ti wọlé níbì kan.

---

Ọmọ Ọ̀yìngbò:

6, 7, 3. Ọmọ mẹ́jọ náà fún mi ní 17. LeetCode ti gbà á. Màá kọ ti Bàbá Akọkà náà lálẹ́ òní, kí n fi àwọn mẹ́ta yẹn kan náà dán an wò.